Ẹgbẹ́ Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: Ohun Tí Àkójọ Orúkọ Ń Bò Mọ́lẹ̀

Ní 12 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Ilerioluwa Aloba, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí MohBad, kú ní Èkó. Ọmọ ọdún 27 ni. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Satellite Town fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù: wọ́n to Jimi Hendrix, Kurt Cobain àti Amy Winehouse sí ìlà kan, wọ́n wá fi MohBad sí ìparí ìlà náà. Wọ́n kọ “27” gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, pé bẹ́ẹ̀ ni ayé àwọn olórin ńlá ṣe ń rí.

Àwa tí a ń kọ èyí, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wá. A jọ kàwé ni, a jọ ń gbé ní agbègbè Amuwo-Odofin, a sì jọ fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì. Tí iná bá wà, gìtá là ń gbọ́ tí a bá ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà kì í ṣe pé a fẹ́ bú orin tí a fẹ́ràn. Ohun tó ń dùn wá ni ìlà àwòrán yẹn. Ó dà bí ìbọlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó ń mú kí ẹni tó bá wò ó má béèrè ohun tó pa ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìlà náà ti wá. Ní 3 Oṣù Keje ọdún 1969, Brian Jones, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones sílẹ̀, kú sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Hendrix kú ní London ní 18 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970. Kò ju ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lọ tí Janis Joplin tẹ̀ lé e ní Los Angeles. Jim Morrison kú ní Paris ní 3 Oṣù Keje ọdún 1971, ọdún méjì gééré sí ọjọ́ tí Jones kú. Ọmọ ọdún 27 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ yìí yani lẹ́nu lóòótọ́, a ò ní purọ́ pé kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò sí ẹgbẹ́ kankan. Ìgbà tí Cobain pa ara rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún 1994, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 27, ni ọ̀rọ̀ “ẹgbẹ́” wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ìyá Cobain gan-an ló sọ fún oníròyìn pé òun ti kìlọ̀ fún ọmọ òun kó má lọ bá àwọn yẹn nínú ẹgbẹ́ òmùgọ̀ wọn. Ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́, ayé gbé e, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ oyè.

Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn láti wá ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n wá Robert Johnson kàn, olórin búlúùsì tó kú ní 1938, nígbà tí wọn ò tíì bí Hendrix. Nígbà tí Winehouse kú ní Oṣù Keje ọdún 2011, wọn ò tíì sin ín tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kún un.

Tí a bá fi ojú iṣẹ́ wa wo ìwà yìí, ìbéèrè kan péré ni wọ́n ń bi àkójọ dátà:

```sql
SELECT name FROM musicians
WHERE age_at_death = 27;
```

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan dátà rí yóò rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ìlà kejì ti yan ìdáhùn kí ìbéèrè tó dé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn dúró sí ibùdókọ̀ Agboju, tó ń ka kìkì ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 27, tó wá sáré wálé pé ọkọ̀ tó ń kọjá ní Agboju, 27 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìbéèrè yẹn kò rí Otis Redding tó kú ní ọmọ ọdún 26. Kò rí Ian Curtis tó kú ní 23, kò rí Tupac tó kú ní 25, kò rí Keith Moon àti John Bonham tí àwọn méjèèjì kú ní 32. Ohun tó tún burú jù ni pé kò rí àwọn tí kò kú rárá. Olórin mélòó ló pé ọdún 27, tó jẹ àkàrà ọjọ́ ìbí rẹ̀, tó sì di ọmọ ọdún 28 láìsí ariwo? Tí a ò bá mọ iye yẹn, a ò lè sọ pé ọdún 27 léwu.

Àwọn kan ti ka iye yẹn. Ní ìparí ọdún 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn olùwádìí náà kó gbogbo olórin tí àwo orin wọn gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1956 sí 2007 jọ. Wọ́n jẹ́ 1,046. Nínú wọn, 71 ti kú. Wọ́n wá béèrè ìbéèrè tó tọ́: nínú àwọn tó ti lókìkí tí wọ́n sì wà láàyè nígbà tí wọ́n pé ọdún 27, mélòó ló kú kí wọ́n tó pé 28? Àwọn 522 ló dé ibẹ̀, àwọn mẹ́ta ló kú. Ẹ pín 3 sí 522, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 0.57. Wọ́n ṣe ìṣirò kan náà fún ọdún 25, wọ́n rí 0.56. Wọ́n ṣe é fún ọdún 32, wọ́n rí 0.54. Kò sí òkè kankan lórí 27. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa ìwé yẹn dé sí nìyí: “Ẹ ò rí i, irọ́ ni.” Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ. Ìwádìí yẹn kan náà rí ohun kejì, èyí tí kì í sábà dé orí àwòrán fóònù. Olórin tó lókìkí, tó wà láàárín ogún sí ogójì ọdún, ewu ikú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ewu wà. Àmọ́ kò sí lórí ọdún kan ṣoṣo, ó tàn ká ogún ọdún gbáko. Irọ́ 27 mú ewu ogún ọdún, ó fún un mọ́ ojú ọjọ́ ìbí kan. Ẹni ọdún 24 yóò máa wò ó pé òun ṣì ní àyè, ẹni ọdún 29 yóò máa dúpẹ́ pé òun ti rékọjá. Àwọn méjèèjì wà nínú ewu kan náà.

Ní 2024, àwọn olùwádìí méjì, Dunivin àti Kaminski, gbé ìwádìí mìíràn jáde nínú ìwé ìròyìn PNAS. Wọ́n wo iye ènìyàn tó ń lọ ka ojú ewé àwọn olókìkí tó ti kú lórí Wikipedia. Àwọn náà kò rí i pé ikú pọ̀ ní 27. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó kú ní 27 ń gba olùkàwé púpọ̀ sí i ju àwọn tó kú ní ọdún tó súnmọ́ ọn lọ. Ìyẹn ni pé ìtàn náà kò pa ẹnikẹ́ni ní 27, ṣùgbọ́n ó ń fi òkìkí kún òkú ọmọ ọdún 27. Nígbà tí òkìkí bá sì kún, ojú wa á máa rí àwọn yẹn jù, a ó wá gbà pé àwọn ló pọ̀ jù. Ìtàn náà ń bọ́ ara rẹ̀ yó.

Kí ló wá dé tí ọkàn àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì fi ń fà sí i báyìí? A rò pé ìdí kan ni pé òkú kì í darúgbó. Ẹni tó bá kú ní 27 kò ní ṣe àwo orin tí kò dùn, kò ní sanra, kò ní gba owó ìpolówó ọṣẹ, kò ní sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wà bí a ṣe fẹ́ ẹ títí láé. Ìdí kejì ni owó: orin òkú ṣì ń tà, òkú kì í sì béèrè ìṣirò. Àwọn àgbà ní òkú ò mọ iye a ràgọ̀. Ìdí kẹta ló ń bà wá lẹ́rù jù. Rọ́ọ̀kì kọ́ wa pé ẹni tó bá ń jìyà ló ń sọ òótọ́, pé ìrora ni ẹ̀rí pé orin kì í ṣe irọ́. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ikú ni yóò jẹ́ ẹ̀rí tó ga jù. Ọ̀dọ́ tó bá gba èyí gbọ́ kò ní wò ó pé òun ń ṣàìsàn. Yóò wò ó pé òun ń ṣiṣẹ́ ọnà.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilé wa. Ọ̀kan nínú wa ní àbúrò ọkùnrin tó mọ gìtá ta dáadáa, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà. Ó ti kọ “27” sí ara àpò gìtá rẹ̀ pẹ̀lú kun funfun. Tí a bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ẹ jẹ́ n ṣe tèmi kí n máa lọ.” Ó máa ń mu omi ìkọ́ oníkòdéìnì. Ìjọba ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé láti Oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń tà á lábẹ́ tábìlì mọ̀ ọ́n. Ó wá jáwọ́ nínú rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, inú gbogbo wa dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n ṣeré tán, ó mu iye tó ti máa ń mu tẹ́lẹ̀, ó fi ọtí lé e, ó tún gbé oògùn oorun méjì mì.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibí gan-an ni àwòrán “27” ń bò mọ́lẹ̀. Tí ara bá ń gba irú oògùn yìí lójoojúmọ́, ó ń mọ́ ọn lára. Iye tó lè pa ẹlòmíràn á kàn mú oorun kun ẹni tó ti mọ́ lára. Ṣùgbọ́n tí ó bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á gbàgbé. Ọkàn kò gbàgbé ní tiẹ̀. Ọkàn ṣì rántí iye tó máa ń mu, ara ti padà di ti ọmọdé. Nítorí náà ìgbà tó léwu jù fún ẹni tó ń lo oògùn kì í ṣe ìgbà tó ń lò ó lójoojúmọ́, bí kò ṣe ìgbà tó padà sí i lẹ́yìn tó ti jáwọ́. Ẹ wo Winehouse. Ìwádìí tí kọ́rónà ṣe fi hàn pé ó ti yẹra fún ọtí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà sí i. Mílígíráàmù 416 ọtí ni wọ́n bá nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iye tí òfin gba awakọ̀ láyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 80. Kì í ṣe ọdún 27 ló pa á, ọtí tó padà bá ara tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ni.

Ohun kejì ni ìdàpọ̀. Kòdéìnì ń sọ fún ọpọlọ pé kó rọra máa mí. Oògùn oorun ń sọ ohun kan náà. Ọtí náà ń sọ ọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ọ́ pọ̀, ọpọlọ lè gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ, mímí á sì dúró. Ohun kẹta ni bí èèyàn ṣe sùn. Hendrix gbé oògùn oorun mẹ́sàn-án mì, oògùn tí ìdajì ẹyọ rẹ̀ kan tó fún èèyàn lálẹ́. Ṣùgbọ́n èébì ara rẹ̀ ló há a lọ́fun. Ẹni tí oògùn ti kùn lórun, tó sùn sẹ́yìn ìpàkọ́, tó bá bì, kò ní lè wúkọ́ láti lé e jáde. Ohun kẹrin ni dídá wà. Joplin nìkan ló wà nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó kú sí, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i.

Àbúrò wa kò dá wà. Ohun tó yàtọ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ń lu ìlù fún wọn sùn sí yàrá kan náà, ó gbọ́ pé ó ń hanrun lọ́nà tí kò jọ ti oorun: ó gùn, ó ń ṣe horohoro bí omi nínú páìpù, á dákẹ́ pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ó fi eegun ìka fún un ní àárín àyà gidi, kò lajú. Ètè rẹ̀ ti di bí eérú, èékánná náà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tó sáré wọlé ní kí wọ́n gbé mílíkì àti epo pupa wá, bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ láti kékeré. Onílù yìí kọ̀ jálẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá lè jí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn yóò wọ̀. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ orúnkún rẹ̀ kan síwájú kó má baà dojú bolẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ọ̀nà èémí lè ṣí. Kò pẹ́ tó fi bì. Èébì náà ṣàn sí orí ẹní, kò padà sí ọ̀fun.

Lẹ́yìn náà ló pè wá. A gbé e sínú ọkọ̀, ẹni kan jókòó sẹ́yìn tó mú un dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá mọ Satellite Town mọ ohun tí òpópónà wa jẹ́ lóru, bí àwọn táńkà tó ń lọ gbé epo ṣe ń tò sí i. Ìrìn tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀kan nínú wa ń ka iye ìgbà tó mí sókè. Mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Márùn-ún. Méje. Àgbàlagbà tó ń sùn jẹ́jẹ́ máa ń mí tó méjìlá, ó kéré tán. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó jí. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni gìtá rẹ̀.

Kò sí Hendrix kankan nínú yàrá yẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ kan ló wà tó ti tọ̀ sára, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀. Bí ikú ṣe máa ń rí nìyẹn tí ó bá súnmọ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ MohBad. Àwa Yorùbá kì í ṣe ikú ọ̀dọ́ lẹ́ṣọ̀ọ́. Àgbà tó bá kú là ń dáṣọ fún, tí à ń pe onílù sí. Ọ̀dọ́ tó bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í dé ibojì ọmọ, òkú náà kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Nínú èyí, àṣà wa sàn ju ti rọ́ọ̀kì lọ: kò sí ẹni tó ń jowú òkú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà yìí náà ní ọ̀nà tí òun ń gbà bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì tí MohBad kú ni wọ́n sin ín sí Ikorodu, láìsí àyẹ̀wò òkú. Ariwo ta. Ní 21 oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá hú òkú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé àbẹ́là kiri ní Lekki. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà tán, tí dókítà tó ṣe é wá síwájú kọ́rónà, ó ní òun kò lè fìdí ohun tó pa á múlẹ̀, torí òkú ti ń jẹrà kó tó dé ọwọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè sọ ní ọjọ́ kìíní, kò lè sọ ọ́ mọ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Àwọn ìbéèrè gidi wà nípa ikú yẹn: abẹ́rẹ́ wo ló gbà, ta ló gún un fún un, níbo, ìgbà wo ló gbé e dé ilé ìwòsàn? Ọmọkùnrin yẹn ti kígbe síta kó tó kú pé wọ́n ń fìyà jẹ òun. Ẹ fi gbogbo ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi “27” sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìbéèrè ń wá ẹni tí yóò dáhùn. Nọ́ńbà kò wá ẹnikẹ́ni. Tí ikú bá ti jẹ́ ti ọdún 27, kò sí ẹni tó máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ohun kan náà la ṣe sí Dagrin ní 2010. Ọkọ̀ rẹ̀ ló lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró sí ojú ọ̀nà ní Mushin lóru, ní 14 Oṣù Kẹrin. Ó wà ní ilé ìwòsàn títí di 22 oṣù náà kó tó kú. Nítorí pé ó ti kọ orin kan tó ń sọ nípa ikú ara rẹ̀, ìlú gbà pé ó ti ríran. Orin yẹn la sọ di ọ̀rọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró sínú òkùnkùn di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Àwa tí à ń gbé ibi tí táńkà ti ń sùn sí ojú ọ̀nà mọ̀ pé kò sí ìríran kankan nínú ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ àti ààmì onígun mẹ́ta pupa ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí Yorùbá náà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín ni òwe yẹn fi wéra pẹ̀lú ikú, kò fi ọjọ́ ogbó wé e. Òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni èyí tó ní bí a bá pẹ́ láyé, a ó jẹ ẹran tó tó erin. A sì ní ẹ̀rí rẹ̀ nínú orin tiwa.

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, bá hẹ́róìnì jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ 27 ń béèrè ló ní, àfi pé kò kú. Ó pé 27 ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1966, oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Cream sílẹ̀. Ìbá ṣe pé ó kú lọ́dún yẹn, kò ní dé Èkó, kò ní bá Fẹlá ṣe àwo orin, kò ní kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ikeja. Ọmọ 80 ọdún ni nígbà tó kú ní 2019. Tony Allen pé 27 ní 1967, ìgbà tí wọn ò tíì máa dárúkọ Afrika 70. Ìlù tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dé. Ẹni ọdún 79 ni nígbà tó kú ní Paris.

Fẹlá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n bí i ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1938. Ọdún tó wà ní 27, ó wà nínú Koola Lobitos, tó ń lu háíláìfù tó dà pọ̀ mọ́ jáàsì fún ènìyàn díẹ̀. Ọdún 1969 ló tó lọ sí Amẹ́ríkà, ìrìn àjò tó yí èrò rẹ̀ padà. Ọmọ 30 ọdún ni. Ẹ fojú inú wò ó pé ó kú ní 27: ní ọdún 1977 tí wọ́n ṣe FESTAC, tí Fẹlá kọ̀ láti bá wọn ṣe é, tó sì ń ṣeré tirẹ̀ ní Shrine, kò ní sí Shrine, kò ní sí Fẹlá tó máa kọ̀. A ó kàn rí orúkọ kan nínú ìwé àtijọ́, onífèrè kan tó mọ nǹkan ṣe tó sì kú láìtọ́jọ́. Kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó sọnù, torí ohun tí kò tíì wáyé kò ní ojú ewé lórí Wikipedia.

Àbúrò wa ti pé ọgbọ̀n ọdún báyìí. Kun funfun ṣì wà lára àpò gìtá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi kun dúdú kùn ún mọ́lẹ̀. Orin tó kọ lóṣù tó kọjá kò tíì dára tó, òun náà mọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kejì ló ń da òun láàmú, pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀, òun á tún un ṣe.